Fèrèsé Alhaja Tí Kò Sí Nínú Àwòrán Kẹrin

Alhaja ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi àwòrán ilé tí wọ́n ń kọ́, èyí tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe, ránṣẹ́ sí wọn, inú mi sì dùn sí i gan-an, torí bí oòrùn ṣe tàn sórí òrùlé rẹ̀ wù mí. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Mo rí ilé, ó dáa. Ibo wá ni fèrèsé mi wà?"

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, Ọ̀fà la ti ń kọ́ ọ. Ìlọrin ni èmi wà, ní Tanke, ibẹ̀ ni mo ti ń ya pláànù. Iwájú ilé náà kọjú sí gúúsù, níbi tí títì wà. Yàrá Alhaja wà nísàlẹ̀, lápá ìlà-oòrùn, torí orúnkún wọn kò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Nínú pláànù kejì, fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá yẹn ní, ẹ̀yìnkùlé ló sì kọjú sí. Alhaja wò ó, wọ́n ní àwọn fẹ́ òmíràn sí ìlà-oòrùn, kí àwọn lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń mọ́ káwọn tó gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí ló fà á tí pláànù kẹta fi wáyé. Fèrèsé tuntun yẹn ni mo pè ní W5.

Mo ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, mo fà á tóbi. Òótọ́ ni, ògiri lásán ló wà níbi tó yẹ kí W5 wà. Bí mo ṣe ń wò ó báyìí ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ìkejì: ilé náà ń fì sẹ́yìn. Àwọn òpó fàráńdà sún mọ́ra wọn lókè, bí ẹni tó fẹ́ forí kanra. Mọ́tò tó wà létí àwòrán gùn gbọọrọ bíi tírélà, bẹ́ẹ̀ mọ́tò kékeré lásán ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀. Ọmọ Alhaja ti fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí bíríkìlà. Àwọn bíríkìlà wa mọ pláànù kà, ṣùgbọ́n tí àwòrán aláwọ̀ mèremère bá wà lórí fóònù, òun ni ojú wọn máa ń lọ sí. Búlọ́ọ̀kù kẹta ni wọ́n dé lórí ògiri yẹn. Lórí ìkẹrin ni ìsàlẹ̀ fèrèsé ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé sáìtì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwòrán yẹn ṣì ń fi ògiri lásán hàn wọ́n, wọ́n á dí i lọ ni.

Ìkánjú mú mi, mo sì fi ìkánjú kọ̀wé sí ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣe rẹ́ńdà, ìyẹn sísọ módẹ́ẹ̀lì ilé tí mo kọ́ sínú kọ̀ǹpútà di àwòrán, tó wà ní Gáà Àkàńbí. Ohun tí mo kọ nìyí, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò:

"Àbúrò, àwòrán yẹn wọ́ o. Jọ̀wọ́ bá mi tò ó tọ́. Fèrèsé kan sì sọnù lápá òsì ilé nísàlẹ̀, bá mi fi sí i. Kíá ni mo fẹ́ ẹ."

Kò tó wákàtí méjì tó fi dáhùn, ó ti ṣe é. Àwọn òpó ti dúró ṣánṣán, fèrèsé sì ti wà lápá òsì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ti fi Photoshop na àwòrán náà. Ó mú igun òkè méjèèjì, ó fà wọ́n síta títí àwọn òpó fi tọ́. Ọ̀nà yẹn ń tọ́ òpó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń san gbèsè rẹ̀. Etí òrùlé méjèèjì ti bọ́ sẹ́yìn férémù, wọ́n ti gé e lọ. Ilé náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n na àwòrán, ẹ wá ohun tó rí róbótó nínú rẹ̀. Táyà mọ́tò ni mo wò: ó ti rí bí ẹyin tó sùn gbalaja. Mọ́tò tó gùn gbọọrọ yẹn sì ṣì gùn síbẹ̀.

Fèrèsé ńkọ́? Iwájú ilé ló wà, lápá òsì àwòrán, lára ògiri tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò. Fèrèsé ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rin, ó kọjú sí títì, láti tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Mi ò lè bá ọmọ náà wí. Nígbà tí mo kọ "apá òsì", inú yàrá Alhaja ni mo dúró sí lọ́kàn mi, mo kọjú sí títì, ìlà-oòrùn sì wà lọ́wọ́ òsì mi. Òun dúró síta, ó kọjú sí ilé, bí kámẹ́rà ṣe dúró. Lójú tirẹ̀, ìlà-oòrùn ọwọ́ ọ̀tún ni. Òsì àti ọ̀tún kì í ṣe ibì kan lára ilé. Ara ẹni tó ń wò ó ni wọ́n wà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, gúúsù àti àríwá ni màá máa kọ, pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ìlà tó wà lórí pláànù. Bákan náà ni "wọ́" àti "tò ó tọ́". Mo sọ ohun tó ń dùn mí, mi ò sọ ibi tó ti ń wá.

Mo wá jókòó, mo wá ìdí rẹ̀ kí n tó tún kọ̀wé.

Bí a bá dúró níwájú ilé tí a ń wo ọ̀kánkán, kámẹ́rà kò gbójú sókè, kò sì dorí kodò, gbogbo ohun tó dúró ṣánṣán lára ilé náà á dúró ṣánṣán nínú àwòrán. Àwọn ìlà tó nà lọ gbọọrọ, bí etí òrùlé àti orí fèrèsé, nìkan ló ń sún mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń jìnnà. Lójú ẹsẹ̀ tí kámẹ́rà bá ti gbójú sókè, àwọn òpó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra lókè. Kì í ṣe àṣìṣe kọ̀ǹpútà. Bí fóònù yín ṣe ń ṣe nìyẹn bí ẹ bá sún mọ́ ilé gíga tí ẹ wá gbé e sókè láti ya á.

Kí ló dé tí ọmọ náà fi gbé ojú kámẹ́rà sókè? Torí pé ó sún mọ́ ilé jù ni. Mo ti inú módẹ́ẹ̀lì mi wọ̀n ọ́n: nǹkan bíi mítà 7 péré ló wà láàárín kámẹ́rà àti igun ilé, lẹ́ńsì 18mm ló sì lò. Orí òrùlé wà ní mítà 8. Bí ojú kámẹ́rà bá wà ní mítà 1.6, bí ojú ènìyàn, mítà 6.4 ló kù lókè rẹ̀. Láti mítà 7, lẹ́ńsì yẹn kò rí ju nǹkan bíi mítà 4 lọ lókè ojú rẹ̀, nínú férémù fífẹ̀ tó ń lò. Òrùlé kò lè wọlé, ó di dandan kó gbójú sókè. Lẹ́ńsì 18mm yẹn kan náà ló na mọ́tò, torí lẹ́ńsì tó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń fa ohun tó bá wà létí férémù gùn. Nítorí náà, títọ́ òpó nìkan kò lè wo mọ́tò sàn. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà ló yẹ kó sún sẹ́yìn.

Bó bá sún dé mítà 18, tó lo lẹ́ńsì 24mm, nǹkan bíi mítà 7.5 ló máa rí lókè ojú rẹ̀ láìgbójú sókè. Òrùlé wọlé, ojú ọ̀run díẹ̀ sì kù lókè rẹ̀. Ìnira kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rò: kámẹ́rà tó ń wo ọ̀kánkán máa ń pín àwòrán sí méjì lọ́gbọọgba ní gíga ojú, ìdajì ìsàlẹ̀ á wá di ilẹ̀ lásán. Ilẹ̀ yẹn la máa ń gé kúrò níkẹyìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé a lè gé e ni yóò tún gbójú kámẹ́rà sókè láti sá fún ilẹ̀, a ó sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ti fèrèsé wá. Ọ̀nà méjì ni fèrèsé fi lè sọnù nínú rẹ́ńdà. Ó lè wà nínú módẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n kí wọ́n ti pa á mọ́ nínú ìran kan ṣoṣo, bóyá nígbà tí wọ́n ń ṣe inú ilé. Ó sì lè má sí nínú módẹ́ẹ̀lì rárá. Kí n tó béèrè, mo wo àwòrán mẹ́ta yòókù tó ti ṣe ṣáájú, èyí tó rí ilé láti òkè àti èyí tó rí i láti ẹ̀gbẹ́ wà nínú wọn. Bí mo bá rí W5 nínú ọ̀kan, a jẹ́ pé wọ́n pa á mọ́ ni. Kò sí nínú èyíkéyìí. Mo lọ wo ìmeèlì tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Pláànù kẹta ni mo fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀lì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń jẹ́ `OFFA-R2.skp`, ti pláànù kejì. Èmi ni mo fún un ní módẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Ó rẹ́ńdà ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fa ìlà pupa méjì sórí àwòrán kẹrin, lára òpó àkọ́kọ́ àti òpó ìkẹyìn, mo sì ya àpótí pupa sí ibi tó yẹ kí W5 wà. Mo fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò, torí Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, ìlà tín-ín-rín á sì di bàìbàì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ èyí:

"Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o ṣeun tí o tètè dáhùn. Ọ̀rọ̀ mi láàárọ̀ kò yé ènìyàn, má bínú. Jẹ́ ká fi `offa_iwaju_05.jpg` sílẹ̀, ká padà sórí `offa_iwaju_04.jpg`. Nǹkan méjì péré ni kó yí padà.

Èkíní ni kámẹ́rà. Wo ìlà pupa tí mo fà: àwọn òpó ń sún mọ́ra lókè torí kámẹ́rà gbójú sókè. Jọ̀wọ́ má fi Photoshop nà án, inú módẹ́ẹ̀lì ni kí o ti tún un ṣe. Gbé kámẹ́rà sẹ́yìn títí yóò fi jìnnà tó mítà 18 sí igun ilé, lójú ọ̀nà kan náà tí o ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Kí kámẹ́rà wà ní gíga mítà 1.6, kí ibi tó ń wò náà wà ní mítà 1.6. Lẹ́ńsì 24mm ni kí o lò. Kámẹ́rà máa kọjá fẹ́ǹsì ará òdìkejì títì. Pa fẹ́ǹsì yẹn mọ́. Ilẹ̀ máa pọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán, gé e kúrò, má gbé kámẹ́rà sókè torí rẹ̀.

Èkejì ni fèrèsé W5. Ògiri ìlà-oòrùn ló wà, nísàlẹ̀, láàárín ìlà B àti ìlà C, níbi àpótí pupa. Ọ̀tún ni wàá rí i bí o bá ń wo àwòrán. Mìlímítà 1200 sí 1200 ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi 900 ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, orí rẹ̀ wà ní 2100, ó bá orí W4, fèrèsé tó ti wà lára ògiri yẹn tẹ́lẹ̀, dọ́gba. Irú W4 gẹ́lẹ́ ni. Èmi ni mo fi R2 ránṣẹ́ sí ọ dípò R3, `OFFA-R3.skp` nìyí. Bí iṣẹ́ bá pé, fèrèsé méjì la máa kà nísàlẹ̀ ògiri ìlà-oòrùn, kì í ṣe ẹyọ kan.

Oòrùn, àwọ̀ ògiri, òrùlé àti igi máńgòrò, kí gbogbo wọn wà bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n dáa.

Kí o tó rẹ́ńdà tán, kọ́kọ́ fi èyí tí kò ní àwọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kékeré ni, kí n fi wo ìlà. Mo fẹ́ kí ti ìkẹyìn dé lálẹ́ òní, torí àwọn bíríkìlà ń padà sí sáìtì láàárọ̀ ọ̀la."

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣí R3, gbogbo igi mi, gbogbo àwọ̀ tí mo ti fi sí ògiri, orí R2 ni wọ́n wà. Màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé kí n kàn mú W4, kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin wà nínú R2 yẹn. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ṣí pláànù méjèèjì síra wọn láti wo ohun mìíràn tó yàtọ̀. Ọ̀kan péré ni mo rí: ilẹ̀kùn kíṣìnì lẹ́yìn ilé, tó ti sún lọ ní mìlímítà 300. Kò hàn nínú àwòrán yìí, ó máa hàn nínú ti ẹ̀yìn ilé. Mo sọ fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán ni àwòrán aláìláwọ̀ dé. Funfun ni gbogbo ilé, bí ilé tí wọ́n fi ẹfun mọ. Mo gbé rúlà sójú kọ̀ǹpútà. Òpó àkọ́kọ́: bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà sí etí ojú kọ̀ǹpútà ni orí rẹ̀ ṣe jìnnà sí i. Ti ìkẹyìn náà bẹ́ẹ̀. Táyà mọ́tò ti padà di róbótó. Ọkùnrin tó fi síbi géètì, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà gíga ojú gẹ́lẹ́. Obìnrin tó dúró lórí fàráńdà ga ju ìlà yẹn lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí fàráńdà fi mìlímítà 450 ga ju ilẹ̀ ìta lọ. Bó bá jẹ́ pé orí àwọn méjèèjì bára dọ́gba, màá mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn kò dúró lórí ilẹ̀.

Mo wá fi rúlà lé orí W4, mo nà án títí dé W5. Níwọ̀n ìgbà tí orí méjèèjì wà ní 2100, ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kó kan àwọn méjèèjì, bó ti wù kí ògiri náà máa sá lọ sẹ́yìn tó. Kò kàn án. W5 lọ sílẹ̀. Kò lọ sílẹ̀ púpọ̀ lójú, ẹni tí kò fi rúlà wò ó lè má mọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti wọn 900. Láti ilẹ̀ ìta ni. Ilẹ̀ inú ilé sì fi 450 ga ju ti ìta lọ, nítorí náà W5 ti fi 450 lọ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ilẹ̀ inú yàrá, ṣùgbọ́n ó sáré ka ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe òun nìkan. Lórí sáìtì pàápàá, ibi tí wọ́n ti ń wọn fèrèsé yìí ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi rí. Ó gbé e sókè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún fi ránṣẹ́. Rúlà kàn án.

Ti ìkẹyìn dé lẹ́yìn ìṣáà. Mo fi í ránṣẹ́ sí Alhaja, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ọmọ wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ lórí fóònù bíríkìlà, kí èyí rọ́pò rẹ̀. Alhaja fi ohùn ránṣẹ́ padà. Wọ́n ní àwọn ti rí fèrèsé àwọn, wọ́n sì ṣàdúrà fún ọmọ tó yà á, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ìlànà wa ni pé àtúnṣe méjì ọ̀fẹ́ ni, ìkẹta owó ni, a sì ti lo méjèèjì. Ọmọ náà kò béèrè nǹkan kan. Mo ya ọ̀rọ̀ náà sí méjì: kámẹ́rà jẹ́ tirẹ̀, mi ò sanwó fún un, fèrèsé jẹ́ tèmi, torí èmi ni mo fi módẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ránṣẹ́, mo sanwó rẹ̀ lálẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́rú, ọmọ Alhaja fi fọ́tò sáìtì ránṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù kẹrin ti yí yàrá náà ká, ìkarùn-ún ti bẹ̀rẹ̀, àlàfo sì wà lára ògiri ìlà-oòrùn. Alhaja dúró sínú yàrá tí kò ì tíì ní òrùlé, wọ́n gbé apá méjèèjì lé orí búlọ́ọ̀kù níbi àlàfo yẹn, wọ́n ń wo igi máńgòrò.